Owó ìpìlẹ̀, owó ilé, owó ọkọ̀: bí ẹ ṣe lè ṣírò àpapọ̀ owó oṣù yín, kí ẹ sì mọ̀ bóyá ó pé

Ní Nàìjíríà, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kì í sábà kọ owó oṣù sójú kan. Wọ́n á gé e sí ọ̀nà mélòó kan: owó ìpìlẹ̀, àjẹmọ́nú ilégbèé, àjẹmọ́nú ìrìnnà, nígbà mìíràn àjẹmọ́nú oúnjẹ, iná tàbí aṣọ. Lórí pépà owó oṣù, ẹ ó rí mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí bíi `Basic`, `Housing` àti `Transport`, ẹ ó sì rí `Gross Pay` nísàlẹ̀ wọn. `Gross Pay` yìí ni àpapọ̀ owó oṣù, ìyẹn gbogbo owó tí iṣẹ́ yín pa lóṣù, kí owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì tó jáde nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀, kó rọrùn. Owó ilé tí à ń wí yìí kọ́ ni èyí tí ẹ ń san fún onílé o. Bí ẹ bá ń gbé nínú ilé tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́, ó ṣì jẹ́ tiyín. Bákan náà ni owó ọkọ̀: ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ náà ń gbà á. Owó oṣù ni gbogbo wọn, orúkọ ló yàtọ̀.

Ìdí tí orúkọ náà fi ṣe pàtàkì ni pé òfin dárúkọ mẹ́ta yìí gan-an. Òfin Àtúnṣe Ètò Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé orí owó tí ìwé àdéhùn iṣẹ́ bá pè ní owó oṣù ni wọn yóò ti ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n iye náà kò gbọdọ̀ kéré sí owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ tí a bá ro wọ́n pọ̀. Nínú iye yìí, wọ́n á yọ ó kéré tán ìdá 8 nínú 100 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ á sì fi ó kéré tán ìdá 10 tirẹ̀ kún un. Nítorí náà, bí wọ́n bá ṣe pín owó yín sábẹ́ orúkọ mẹ́ta yìí ni yóò sọ iye tó ń wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín lóṣooṣù, bí àpapọ̀ owó oṣù kò tiẹ̀ yí padà rárá.

Àwọn mìíràn á ní kí ló dé tí wọn ò kúkú kọ iye kan ṣoṣo. Owó orí ló fa apá kan àṣà yìí. Kí wọ́n tó tún òfin owó orí ṣe lọ́dún 2011, àwọn àjẹmọ́nú kan wà tí ìjọba kì í gba owó orí lórí wọn títí dé iye kan: owó ilé títí dé ₦150,000 lọ́dún, owó ọkọ̀ títí dé ₦20,000. Àtúnṣe ọdún 2011 gbá èyí lọ, ṣùgbọ́n pípín owó sí wẹ́wẹ́ kò kúrò nílẹ̀. Lónìí, àpapọ̀ owó ni owó orí ń wò, kì í wo orúkọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sọ wọ́n di ti oṣù

Ẹ mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín, kì í ṣe pépà owó oṣù. Lẹ́tà ni àdéhùn. Pépà owó oṣù kàn ń sọ ohun tí ẹni tó ṣírò rẹ̀ rò pé àdéhùn náà wí ni.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wò ni bóyá ti ọdún ni wọ́n kọ tàbí ti oṣù. Ti ọdún ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ń kọ. Ẹ wo àpẹẹrẹ òṣìṣẹ́ kan tí lẹ́tà rẹ̀ kà báyìí:

Owó ìpìlẹ̀: ₦1,800,000 lọ́dún
Owó ilé: ₦1,080,000 lọ́dún
Owó ọkọ̀: ₦720,000 lọ́dún

Ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 12. Owó ìpìlẹ̀ di ₦150,000, owó ilé di ₦90,000, owó ọkọ̀ di ₦60,000. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ó di ₦300,000. Ẹ ro ti ọdún náà pọ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò: ₦3,600,000. Bí ẹ bá pín in sí 12, ₦300,000 náà ló gbọ́dọ̀ jáde. Bí ọ̀nà méjèèjì kò bá pàdé, nọ́ńbà kan ti ṣì yín lọ́wọ́, tàbí kí lẹ́tà náà ti da ti oṣù àti ti ọdún pọ̀. Owó ọkọ̀ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, torí àwọn kan á kọ òun nìkan ní ti oṣù.

Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà lórí ètò owó oṣù tí wọ́n ń pè ní CONPSS, ẹ lè má rí pípín yìí rárá, nítorí láti ọdún 2007 ni wọ́n ti da owó ìpìlẹ̀ àti ọ̀pọ̀ àjẹmọ́nú pọ̀ sí ojú kan. Ilé iṣẹ́ aládàáni ni ìyókù ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí lẹ́tà bá sọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ béèrè pé ìdá ti kí ni

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Lẹ́tà lè sọ pé owó ilé jẹ́ ìdá 30 nínú 100, kó sì dákẹ́. Ìdá 30 àpapọ̀ owó oṣù ni àbí ìdá 30 owó ìpìlẹ̀? Nínú àpẹẹrẹ wa, owó ilé ₦90,000 jẹ́ ìdá 30 nínú àpapọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìdá 60 nínú owó ìpìlẹ̀. Owó kan náà ni, ìdá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí ìdá náà bá jẹ́ ti àpapọ̀, ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi ìdá kọ̀ọ̀kan sọ àpapọ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì rí i pé ìdá gbogbo wọn pé 100.

Bí ó bá jẹ́ ti owó ìpìlẹ̀, tí àpapọ̀ nìkan sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ní láti padà sẹ́yìn. Ká ní wọ́n sọ fún yín pé àpapọ̀ owó oṣù jẹ́ ₦350,000, pé owó ilé jẹ́ ìdá 50 owó ìpìlẹ̀, owó ọkọ̀ sì jẹ́ ìdá 25 rẹ̀. Ẹ ka owó ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ sí 100. Ẹ fi 50 kún un, ẹ fi 25 kún un, ó di 175. Ẹ wá pín ₦350,000 sí 175, kí ẹ sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Owó ìpìlẹ̀ nìyẹn: ₦200,000. Owó ilé jẹ́ ₦100,000, owó ọkọ̀ ₦50,000. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ó padà di ₦350,000.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí èèyàn mú ìdá 50 nínú ₦350,000, kó ní owó ilé òun jẹ́ ₦175,000. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún owó ọkọ̀ náà, yóò di ₦87,500, ohun tí yóò sì ṣẹ́ kù fún owó ìpìlẹ̀ kò ju ₦87,500 lọ. Nígbà tí owó ilé bá ti ju owó ìpìlẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, nígbà tí lẹ́tà sì ní ìdajì owó ìpìlẹ̀ ni, ẹ mọ̀ pé ẹ ti gbé ìdá náà lé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ má fi ohun tí kì í ṣe owó oṣù kún un

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan bá wà nínú lẹ́tà, àpapọ̀ wọn ni `Gross Pay`. Bí àjẹmọ́nú mìíràn tí wọ́n ń san lóṣooṣù bá wà, ẹ fi kún un, ṣùgbọ́n ẹ fà á ní ìlà sọ́tọ̀. Ẹ ó nílò àpapọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn lọ́tọ̀ láìpẹ́.

Ohun méjì ni àwọn èèyàn máa ń ṣì fi kún un. Èkíní ni owó tí ilé iṣẹ́ dá padà. Bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, tí ẹ fi owó ara yín wọkọ̀, tí wọ́n sì dá ₦25,000 padà fún yín, ìyẹn kì í ṣe àjẹmọ́nú ìrìnnà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ lẹ fi wọ̀. Owó yín ló padà sọ́wọ́ yín. Àjẹmọ́nú ìrìnnà ni èyí tó ń wọlé lóṣooṣù, yálà ẹ rìnrìn àjò tàbí ẹ ò rìn.

Èkejì ni ìdá 10 tí agbanisíṣẹ́ ń fi sí owó ìfẹ̀yìntì yín. Àwọn kan á fi í kún owó oṣù nígbà tí wọ́n bá ń gba èèyàn síṣẹ́, kí iye náà lè tóbi lójú. Wọ́n á ní ₦330,000 ni gbogbo ẹ̀. Ẹ béèrè pé: ṣé owó ìfẹ̀yìntì tiyín wà nínú ẹ̀? Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ lórí àpapọ̀ owó oṣù, ẹ pín ₦330,000 sí 1.1. Yóò di ₦300,000. Iye yẹn gan-an ni àpapọ̀ owó oṣù yín. ₦30,000 tó kù kò ní gba ọwọ́ yín kọjá, tààrà ló ń lọ sí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi owó ìfẹ̀yìntì yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn

Àyẹ̀wò tó dá mi lójú jù nìyí, nítorí kò sí ohun tí ẹ nílò ju pépà owó oṣù kan lọ. Ẹ wá owó tí wọ́n yọ fún ìfẹ̀yìntì, ẹ pín in sí 8, kí ẹ fi 100 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Iye tó bá jáde ni iye tí ilé iṣẹ́ kà sí owó oṣù yín. Bí ẹ bá ń lo Excel, tí owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ wà ní B2, B3 àti B4, tí owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n yọ sì wà ní B8:

```
=B2+B3+B4
=B8/8%
```

Ìlà kejì kò gbọdọ̀ kéré sí ìlà kìíní. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdá 8 nínú ₦300,000 jẹ́ ₦24,000. Bí wọ́n bá yọ ₦12,000, ẹ pín in sí 8, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di ₦150,000. Ṣé ẹ rí i pé iye owó ìpìlẹ̀ nìkan nìyẹn? Ẹni tó ń ṣírò owó gbàgbé owó ilé àti owó ọkọ̀, ìdajì ohun tó tọ́ sí yín ló ń wọlé. Bí ó bá jẹ́ ₦19,200 ni wọ́n yọ, ó di ₦240,000: owó ọkọ̀ ló sọnù. Ẹ rí i pé iye tó bá jáde fúnra rẹ̀ á tọ́ka sí ohun tí wọ́n fò.

Ẹ ṣe irú rẹ̀ lórí ìwé àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín. Níbẹ̀, tiyín àti ti agbanisíṣẹ́ ti pọ̀, nítorí náà 18 ni ẹ ó fi pín in. ₦54,000 ló yẹ kó wọlé lóṣù fún ẹni tó ń gba ₦300,000.

Nígbà tí àpapọ̀ bá pé, tí pípín rẹ̀ kò dára

Ẹ jẹ́ ká mú ẹlòmíràn tó ń gba ₦300,000 kan náà. Lẹ́tà tirẹ̀ kà báyìí: owó ìpìlẹ̀ ₦60,000, owó ilé ₦30,000, owó ọkọ̀ ₦30,000, àwọn àjẹmọ́nú mìíràn ₦180,000. Àpapọ̀ owó oṣù wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n owó mẹ́ta tí òfin dárúkọ jẹ́ ₦120,000 péré. Bí ilé iṣẹ́ bá dúró lórí èyí tó kéré jù tí òfin gbà, ₦9,600 ni wọ́n á yọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á fi ₦12,000 sí i, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ₦21,600. Ẹni àkọ́kọ́ ń kó ₦54,000 jọ lóṣù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦32,400 lóṣù, ₦388,800 lọ́dún.

Lóòótọ́, owó tó ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni kejì lóṣù pọ̀ díẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń yọ kéré. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó fura. Ṣùgbọ́n ìpín agbanisíṣẹ́ ti lọ láti ₦30,000 sí ₦12,000, kò sì sí ibì kankan tí ₦18,000 yẹn ti padà wá bá a. Ní tèmi, ìgbà tí ẹ kò tíì buwọ́ lu lẹ́tà ló yẹ kí ẹ sọ̀rọ̀ sí i. Bí àwọn àjẹmọ́nú mìíràn bá ti ju owó ìpìlẹ̀ lọ, ẹ ní kí wọ́n kó lára rẹ̀ lọ sí owó ìpìlẹ̀, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé orí àpapọ̀ owó oṣù ni wọn yóò ti ṣírò owó ìfẹ̀yìntì.

Nígbà tí wọ́n bá san owó ilé lẹ́ẹ̀kan fún ọdún

Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń san owó ilé ọdún kan lápapọ̀ ní oṣù kìíní, kí òṣìṣẹ́ lè rí i fún onílé. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦1,080,000 á wọlé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà pépà owó oṣù á máa fi ₦210,000 hàn. Àpapọ̀ owó oṣù kò tíì dín kù, ó ṣì jẹ́ ₦300,000, nítorí ìdá kan nínú méjìlá owó ilé jẹ́ ti oṣù kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ń bàjẹ́ ni pé kọ̀ǹpútà á máa ṣírò owó ìfẹ̀yìntì lórí ohun tó rí lórí pépà. Ìdá 8 nínú ₦210,000 jẹ́ ₦16,800. Bí ẹ bá rí ₦16,800 lóṣooṣù, ẹ má tíì bínú. Ẹ padà lọ wo pépà oṣù tí wọ́n san owó ilé. Bí wọ́n bá yọ ₦103,200 lóṣù yẹn, wọ́n ti ka owó ilé mọ́ ọn: ₦103,200 pẹ̀lú ₦16,800 lọ́nà 11 jẹ́ ₦288,000, bákan náà pẹ̀lú ₦24,000 lọ́nà 12. Bí oṣù yẹn náà bá jẹ́ ₦16,800, wọn ò ka owó ilé sí rárá, ìpín yín àti ti agbanisíṣẹ́ sì fi ₦194,400 dín lọ́dún kan.

Ẹ ka ohun tí lẹ́tà sọ nípa ẹni tó bá kúrò kí ọdún tó parí. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n gba ti oṣù tó kù padà. Ẹni tó lọ ní òpin oṣù Karùn-ún ní oṣù méje tí kò tíì ṣiṣẹ́ fún, ₦90,000 lọ́nà méje sì jẹ́ ₦630,000, tí wọ́n lè yọ kúrò nínú owó tó kẹ́yìn.

Oṣù tí kò pé, àti àfikún owó oṣù

Bí ẹ bá wọṣẹ́ ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 15 nínú 30 ni ẹ ó fi ṣiṣẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ gé dọ́gba: ₦75,000, ₦45,000 àti ₦30,000, àpapọ̀ ₦150,000. Ilé iṣẹ́ mìíràn ń ka ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, kò sì burú, bí wọ́n bá fi ọjọ́ iṣẹ́ pín in. Èyí tó burú ni kí wọ́n ka ọjọ́ iṣẹ́ lókè, kí wọ́n fi ọjọ́ kàlẹ́ńdà pín in nísàlẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 11 tí wọ́n fi 30 pín yóò sọ ₦300,000 di ₦110,000, ₦40,000 á sì ti fò lọ.

Ti àfikún ńkọ́? Nígbà tí wọ́n bá ní wọ́n fi ìdá 10 kún owó yín, ẹ béèrè ibi tí wọ́n fi í sí. Lórí owó ìpìlẹ̀ nìkan, ₦150,000 á di ₦165,000, àpapọ̀ á di ₦315,000. Ìdá 5 nìyẹn nínú àpapọ̀. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá so owó ilé àti owó ọkọ̀ mọ́ owó ìpìlẹ̀ ní ìdá 60 àti ìdá 40, àwọn náà gbọ́dọ̀ gòkè di ₦99,000 àti ₦66,000, kí àpapọ̀ jẹ́ ₦330,000.

Nípa owó orí, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 fi ìrọ̀rùn kan sílẹ̀ fún ayálégbé: ìdá 20 owó ilé tí ẹ san fún onílé lọ́dún, kó má ju ₦500,000 lọ, ni wọn yóò yọ kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Owó tí ẹ san ni wọ́n ń wò o, kì í ṣe àjẹmọ́nú ilégbèé tí ẹ gbà. Ẹni tó san ₦600,000 fún onílé yóò rí ₦120,000 yọ, ì báà jẹ́ ₦1,080,000 ni ilé iṣẹ́ fún un ní owó ilé.

Bí ẹ bá rí i pé kò pé

Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń ṣírò owó, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sínú rẹ̀. Irú èyí tó:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi, owó ìpìlẹ̀ jẹ́ ₦150,000 lóṣù, owó ilé ₦90,000, owó ọkọ̀ ₦60,000, àpapọ̀ ₦300,000. Owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ yọ lóṣù Kẹta jẹ́ ₦12,000, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú ìdá 8 owó ìpìlẹ̀ nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, kí ẹ sì jẹ́ kí n mọ oṣù tó ti bẹ̀rẹ̀."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe kókó jù, nítorí àṣìṣe tó wà nínú kọ̀ǹpútà kì í mọ sí oṣù kan. Bí wọ́n bá tún un ṣe, ẹ dúró de owó oṣù tó kàn. Òfin fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn ọjọ́ tó san owó oṣù láti fi owó ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méje yẹn, ẹ ṣí ìwé àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín, kí ẹ wo bóyá ₦54,000 ti wà níbẹ̀, àti bóyá ti àwọn oṣù tó dín tẹ̀lé e.